Mọ́mì ń gba owó ìfẹ̀yìntì l'Amẹ́ríkà, wọ́n ṣì ń ṣiṣẹ́: ìdí tí owó náà kì í fi í wọlé láwọn oṣù kan

Ìbéèrè kan wà tí àwọn ọ̀dọ́ tí òbí wọn wà l'Amẹ́ríkà máa ń bi mí léraléra. Wọ́n á ní: "Ẹ̀gbọ́n, mọ́mì mi ti kọ̀wé gba owó ìfẹ̀yìntì wọn, àmọ́ wọn ò tíì fi iṣẹ́ sílẹ̀. Oṣù mẹ́rin rèé tí kọ́bọ̀ ò tíì wọlé. Àbí ẹnì kan ló ń jí owó yẹn ni?"

Kò sẹ́ni tó jí i. Òfin ló dá a dúró. Ẹni tó bá bẹ̀rẹ̀ sí í gba owó ìfẹ̀yìntì kí ọjọ́ orí rẹ̀ tó pé, tó sì ń gba owó iṣẹ́ tó ju iye kan lọ lọ́dún, wọn yóò dá lára owó ìfẹ̀yìntì náà dúró. Kì í ṣe owó orí, kì í sì í ṣe owó ìtanràn. Owó náà máa ń padà lọ́jọ́ iwájú, ṣùgbọ́n díẹ̀díẹ̀ ni, ó sì máa ń pẹ́ gan-an. Ohun tó ń dun àwọn èèyàn wa jù ni pé ọ̀pọ̀ wọn kì í gbọ́ nípa òfin yìí àfi ìgbà tí lẹ́tà gbèsè bá dé. Ìdí nìyẹn tí mo fi ní kí n tò ó kalẹ̀ níbí.

Ta ni ọ̀rọ̀ yìí kàn?

Owó tí mò ń sọ ni ti àjọ Sóṣà Sẹkúrítì, ìyẹn owó ìfẹ̀yìntì ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà. Ẹni tó bá ti ṣiṣẹ́ níbẹ̀ fún nǹkan bí ọdún mẹ́wàá, tí wọ́n sì ń yọ owó Sóṣà Sẹkúrítì lára owó oṣù rẹ̀, lè bẹ̀rẹ̀ sí í gbà á láti ọmọ ọdún 62. Ṣùgbọ́n ọjọ́ orí tí owó náà pé pérépéré fún ẹnikẹ́ni tí wọ́n bí ní 1960 tàbí lẹ́yìn rẹ̀ ni ọdún 67. Ẹ jẹ́ ká máa pe 67 yìí ní ọjọ́ orí kíkún.

Ẹni tó bá gbà á ṣáájú ọjọ́ orí kíkún yóò gba èyí tó dín. Tó bá bẹ̀rẹ̀ gan-an ní 62, ìdá 30 nínú ọgọ́rùn-ún ni wọn yóò gé kúrò. Èyí yàtọ̀ pátápátá sí ohun tí a fẹ́ sọ. Gígé yẹn wà nílẹ̀, ì báà ṣiṣẹ́, ì báà má ṣiṣẹ́. Lórí gígé yẹn ni ti owó iṣẹ́ tún wá gùn.

Láti ìgbà tí wọ́n ti ṣe òfin Sóṣà Sẹkúrítì ní 1935 ni èrò yìí ti wà nínú rẹ̀: wọ́n ní owó ìfẹ̀yìntì wà láti rọ́pò owó iṣẹ́ tí èèyàn ò rí gbà mọ́, nítorí náà ẹni tó ṣì ń gba owó iṣẹ́ kò tíì fẹ̀yìn tì. Ní 2000 ni Ààrẹ Bili Kílíńtọ̀n fọwọ́ sí òfin tó yọ àwọn tó ti pé ọjọ́ orí kíkún kúrò nínú rẹ̀. Láti oṣù tí èèyàn bá ti pé 67, ó lè gba mílíọ̀nù dọ́là níbi iṣẹ́, wọn ò ní fọwọ́ kan owó ìfẹ̀yìntì rẹ̀ tìtorí ìyẹn. Àwọn tó gbà á láàárín 62 sí 67 ni òfin náà ṣì dì mú.

Tó bá jẹ́ ìlú Ọba ni dádì tàbí mọ́mì yín wà, ẹ fọkàn balẹ̀. Wọ́n ti fagi lé irú òfin yìí lórí owó ìfẹ̀yìntì ìjọba níbẹ̀ láti 1989.

Ìṣirò rẹ̀ nìyí

Lọ́dọọdún ni ìjọba ń kéde ààlà owó iṣẹ́. Ní 2024, dọ́là 22,320 ni. Ní 2025, ó di dọ́là 23,400. Ti 2025 ni màá fi ṣe gbogbo ìṣirò tó wà níbí. Nínú dọ́là méjì méjì tó bá lé lórí ààlà yẹn, wọn yóò dá dọ́là kan dúró nínú owó ìfẹ̀yìntì.

Ẹ jẹ́ ká fi ìyá kan ṣe àpẹẹrẹ. Oṣù kìíní 1962 ni wọ́n bí wọn. Ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó ní Hiúsítìnì ni wọ́n ti ń ṣiṣẹ́. Ká ní wọ́n dúró di 67, dọ́là 1,600 ni wọn ì bá máa gbà lóṣù. Wọn ò dúró. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kìíní 2025 nígbà tí wọ́n pé 63, ìyẹn oṣù 48 ṣáájú ọjọ́ orí kíkún. Wọ́n gé ìdá 25 nínú ọgọ́rùn-ún, ó wá ku dọ́là 1,200 lóṣù.

Mọ́mì yìí ò fi iṣẹ́ sílẹ̀ o. Dọ́là 33,000 ni wọ́n ń gbà lọ́dún níbi iṣẹ́. Ẹ yọ 23,400 kúrò nínú 33,000, ó ku 9,600. Ẹ pín in sí méjì, ó di 4,800. Dọ́là 4,800 yẹn ni wọn yóò dá dúró nínú owó ìfẹ̀yìntì ọdún náà.

Ibi tó ń ru àwọn èèyàn lójú nìyí. Wọn kì í pín 4,800 yẹn sórí oṣù méjìlá kí wọ́n lè máa yọ díẹ̀díẹ̀. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún ni wọ́n ti ń dá odindi owó oṣù dúró títí iye yẹn á fi pé. Dọ́là 4,800 jẹ́ owó oṣù mẹ́rin gééré fún mọ́mì yìí. Nítorí náà, owó oṣù kìíní, ìkejì, ìkẹta àti ìkẹrin kò ní jáde. Owó oṣù karùn-ún ni wọn yóò kọ́kọ́ gbà, bẹ́ẹ̀ sì rèé, inú oṣù tó tẹ̀ lé e ni Sóṣà Sẹkúrítì máa ń san owó oṣù kọ̀ọ̀kan, torí náà oṣù kẹfà ni owó yóò tó wọ báńkì. Láti ìgbà náà, dọ́là 1,200 á máa wọlé pé títí ọdún á fi yí.

Tí iye tí wọ́n fẹ́ dá dúró kò bá ṣe rẹ́gí pẹ̀lú odindi oṣù, wọ́n lè dá oṣù tó kẹ́yìn dúró tán, kí wọ́n wá dá ṣẹ́ńjì rẹ̀ padà lọ́dún tó tẹ̀ lé e.

Ọdún tí èèyàn máa pé ọjọ́ orí kíkún gan-an rọ̀ díẹ̀. Ààlà ti 2025 fún irú ẹni bẹ́ẹ̀ jẹ́ dọ́là 62,160, dọ́là kan nínú mẹ́ta ni wọ́n ń dá dúró, owó iṣẹ́ àwọn oṣù tó ṣáájú oṣù tó pé ọjọ́ orí náà nìkan ni wọ́n sì ń kà.

Owó wo ni wọ́n ń kà?

Owó tí èèyàn fi òógùn ara rẹ̀ rí ni. Owó oṣù wà níbẹ̀, ofataìmù wà níbẹ̀, bónọ́ọ̀sì àti kọmíṣọ̀n náà wà níbẹ̀. Iye tó wà kí wọ́n tó yọ owó orí ni wọ́n ń wò, kì í ṣe èyí tó wọ báńkì. Ẹni tó ń ṣe iṣẹ́ ara rẹ̀, bí ẹni tó ń wa Úbà, tó ń dirun, tàbí tó ń se oúnjẹ òde, èrè tó kù lẹ́yìn ìnáwó iṣẹ́ ni wọn yóò kà fún un.

Wọn kì í ka owó ilé tí àwọn ayálégbé ń san, èlé báńkì, èrè orí ìpín ìdókòòwò, owó ìfẹ̀yìntì láti ibòmíràn, tàbí owó tí ẹ̀yin ọmọ bá fi ránṣẹ́. Nítorí náà, ẹni tó nílé mẹ́ta tó ń gba owó ilé dọ́là 80,000 lọ́dún lè gba owó ìfẹ̀yìntì rẹ̀ ní pípé, nígbà tí ẹni tó ń fọ àwo nílé oúnjẹ á pàdánù oṣù mẹ́rin. Bó ṣe rí nìyẹn.

Ẹ tún ṣọ́ ọ̀rọ̀ ofataìmù. Lẹ́yìn tí mọ́mì yẹn bá ti kọjá ààlà, gbogbo dọ́là 100 tí wọ́n bá fi ofataìmù rí, 50 ti lọ lára owó ìfẹ̀yìntì. Wọn yóò tún yọ dọ́là méje àti ààbọ̀ àti díẹ̀ fún Sóṣà Sẹkúrítì àti Mẹ́díkéà, kí owó orí ìjọba tó kàn. Ẹni tó ń fi òru ṣiṣẹ́ yẹ kó mọ̀ pé kò tó 43 dọ́là tó máa kù lọ́wọ́ òun nínú ọgọ́rùn-ún yẹn báyìí.

Ohun kan tún ni pé tí bàbá ilé bá ń gba owó ìyàwó tàbí ọkọ lórí àkọsílẹ̀ mọ́mì, tiwọn náà á kàn nínú dídádúró yẹn. Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ bàbá ló ń ṣiṣẹ́ tó kọjá ààlà, ti bàbá nìkan ni wọn yóò dá dúró.

Ṣé lóòótọ́ ni owó náà ń padà?

Bẹ́ẹ̀ ni, àmọ́ kì í padà lẹ́ẹ̀kan náà. Nígbà tí mọ́mì bá pé 67, Sóṣà Sẹkúrítì á ka iye oṣù tí wọ́n fi dá owó wọn dúró, wọ́n á wá ṣe é bí ẹni pé mọ́mì ò gba owó ṣáájú àkókò láwọn oṣù yẹn.

Ká ní oṣù mẹ́rin mẹ́rin ni wọ́n ń dá dúró lọ́dọọdún láti 2025 títí dé 2028. Oṣù 16 nìyẹn, owó tó wà níbẹ̀ sì jẹ́ dọ́là 19,200. Oṣù 48 tí wọ́n fi gé owó mọ́mì á wá di 32. Oṣù kọ̀ọ̀kan nínú 36 tó sún mọ́ ọjọ́ orí kíkún jù ń gé ìdá márùn-ún nínú mẹ́sàn-án ti ẹyọ kan nínú ọgọ́rùn-ún. Tí ẹ bá ṣírò 32 oṣù, gígé náà á kúrò ní 25, á di nǹkan bí 17.8 nínú ọgọ́rùn-ún. Owó mọ́mì á kúrò ní 1,200, á di nǹkan bí 1,315 lóṣù, títí ọjọ́ ayé wọn.

Ẹ wá wo o. Dọ́là 115 ló lé lóṣù. Ká tó fi 115 kó 19,200 jọ padà, ó máa gba oṣù 167, ìyẹn ọdún mẹ́rìnlá ó dín díẹ̀, láìka àfikún ọ̀wọ́n ọjà tí wọ́n ń ṣe lọ́dọọdún. Mọ́mì á ti ń sún mọ́ ọdún 81. Tí Ọlọ́run bá fún wọn ní ẹ̀mí gígùn, wọ́n gba owó wọn tán, wọ́n sì tún jèrè lé e. Tí wọn ò bá dé bẹ̀, apá kan ti ṣòfò. Ẹni tó bá sọ fún yín pé "owó náà kò sọnù" ò parọ́, àmọ́ ó yẹ kó fi ọdún mẹ́rìnlá yẹn kún un.

Èrè kan tún wà tí àwọn èèyàn wa kì í ka sí. Ọdún 35 tí owó iṣẹ́ èèyàn pọ̀ jù ni Sóṣà Sẹkúrítì fi ń ṣírò owó ìfẹ̀yìntì. Ọ̀pọ̀ òbí wa ló ti lé ní ogójì ọdún kí wọ́n tó dé Amẹ́ríkà. Ẹni tó bá ṣiṣẹ́ ogún ọdún péré, òdo ni wọ́n kọ sí ọdún 15 tó kù. Gbogbo ọdún tí mọ́mì bá tún fi ṣiṣẹ́, òdo kan ni wọ́n ń pa rẹ́, wọ́n á sì tún owó wọn ṣírò fúnra wọn láìjẹ́ pé a kọ̀wé. Nítorí náà, kì í ṣe pé kí mọ́mì sá fún iṣẹ́. Ohun tó yẹ ká bi ara wa ni pé, ṣé ó pọn dandan kí wọ́n ti kọ̀wé gba owó ìfẹ̀yìntì nígbà tí owó iṣẹ́ ṣì ń tó wọn jẹ?

Ẹni tó fi iṣẹ́ sílẹ̀ láàárín ọdún

Ká ní dádì kan ti gba dọ́là 45,000 níbi iṣẹ́ kí oṣù kẹjọ 2025 tó parí, wọ́n wá fẹ̀yìn tì, wọ́n bẹ̀rẹ̀ owó ìfẹ̀yìntì láti oṣù kẹsàn-án. Tí wọ́n bá lo ààlà ọdún, kò ní ku nǹkan kan fún wọn lọ́dún náà. Òfin ti rí èyí, ó sì ṣe àyè kan fún ọdún àkọ́kọ́: oṣù kọ̀ọ̀kan ni wọn yóò wò. Ní 2025, oṣù tí owó iṣẹ́ dádì ò bá kọjá dọ́là 1,950, wọ́n á san owó ìfẹ̀yìntì oṣù yẹn pé, láìka 45,000 tó ti wọlé tẹ́lẹ̀ sí. Àyè yìí kò wúlò fún mọ́mì wa ti Hiúsítìnì, torí dọ́là 2,750 ni wọ́n ń gbà lóṣoṣù láìdáwọ́ dúró. Ọdún kan ṣoṣo ló sì máa ń wà fún. Tó bá di ọdún kejì, ààlà ọdún ló kù.

Tí wọ́n bá wá padà sílé ńkọ́?

Ibí ni kí ẹ̀yin tí òbí yín ń múra àtiwálé ti la etí yín dáadáa. Tí ẹni tí kò tíì pé ọjọ́ orí kíkún bá ń ṣiṣẹ́ lẹ́yìn odi Amẹ́ríkà, tí iṣẹ́ náà ò sì sí lábẹ́ owó Sóṣà Sẹkúrítì, wọn ò ní wo iye owó tó ń gbà rárá. Wákàtí ni wọ́n ń kà. Oṣù tó bá ti ṣiṣẹ́ ju wákàtí 45 lọ, odindi owó ìfẹ̀yìntì oṣù yẹn ti dúró nìyẹn.

Ẹ fojú wo dádì ọmọ ọdún 64 tó gba iṣẹ́ olùkọ́ ní ilé ìwé aládàáni kan l'Abẹ́òkúta. Tí wọ́n bá ń ṣe wákàtí mẹ́ta lójúmọ́, ọjọ́ márùn-ún lọ́sẹ̀, ó ti di 60 lóṣù. Ì báà jẹ́ náírà 70,000 ni ilé ìwé ń san, èyí tí kò tó dọ́là 100, owó ìfẹ̀yìntì dọ́là 1,200 lè dúró torí rẹ̀. Ẹni tó ní ṣọ́ọ̀bù tirẹ̀ náà ò bọ́, torí wọ́n lè kà á sí òṣìṣẹ́ nítorí pé òun ló ni ọjà, bí kò tiẹ̀ jókòó síbẹ̀ lójoojúmọ́. Fún ọmọ orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà tó ń ṣòwò ara rẹ̀ níbí, ọ̀rọ̀ lè yàtọ̀, torí owó Sóṣà Sẹkúrítì ṣì lè kan òwò náà lábẹ́ òfin owó orí wọn. Bó bá rí bẹ́ẹ̀, ààlà dọ́là ni wọn yóò lò. Fọ́ọ̀mù SSA-7163 ni wọ́n fi ń béèrè nípa iṣẹ́ ẹ̀yìn odi. Kí dádì bá wọn sọ̀rọ̀ kí wọ́n tó gba iṣẹ́, kì í ṣe lẹ́yìn rẹ̀.

Lẹ́tà gbèsè

Gbogbo ohun tí a ti ń sọ, ẹni tó sọ iye tó máa gbà níbi iṣẹ́ ni wọ́n ń ṣe bẹ́ẹ̀ fún. Ẹni tí kò bá sọ, owó rẹ̀ á máa wọlé ní pípé. Ará ilé á rò pé gbogbo nǹkan dáa. Ṣùgbọ́n ọ̀gá ibi iṣẹ́ ń fi fọ́ọ̀mù W-2 ránṣẹ́ síjọba lẹ́yìn ọdún. Nígbà tí Sóṣà Sẹkúrítì bá fi í wé àkọsílẹ̀ wọn, wọ́n á kọ̀wé pé: a ti san dọ́là 4,800 kọjá ohun tó tọ́ sí yín, ẹ dá a padà. Tí wọn ò bá rí i gbà, wọ́n á máa yọ ọ́ lára owó oṣù tó ń bọ̀. Ìyá tó ti fi owó náà san owó ilé, tó sì ti fi díẹ̀ ránṣẹ́ sílé fún ìsìnkú, níbo ló fẹ́ ti rí i?

Tí irú lẹ́tà bẹ́ẹ̀ bá dé, ẹ má fi sínú dúrọ́ọ̀. Ọjọ́ 60 ló wà láti tako ìṣirò wọn, fọ́ọ̀mù SSA-561 sì ni ẹ máa lò. Tí ìṣirò wọn bá tọ̀nà, àmọ́ tí kì í ṣe ẹ̀bi mọ́mì, tí sísan rẹ̀ yóò sì ni wọ́n lára, fọ́ọ̀mù SSA-632 ni wọ́n fi ń bẹ̀bẹ̀ kí wọ́n fagi lé gbèsè náà. Tó bá jẹ́ pé kí wọ́n dín iye tí wọ́n ń yọ lóṣù kù ni ẹ fẹ́, SSA-634 ni.

Bí gbogbo rẹ̀ ò bá sì dé bẹ̀ yẹn, ohun tó yẹ kí mọ́mì ṣe lónìí ò pọ̀. Kí wọ́n mú ìwé owó oṣù wọn, kí wọ́n ṣírò iye tí yóò jẹ́ títí ọdún á fi parí kí wọ́n tó yọ owó orí, kí wọ́n pe 1-800-772-1213, kí wọ́n sì sọ iye náà. Tí ofataìmù bá pọ̀ sí i tàbí iṣẹ́ dín kù láàárín ọdún, kí wọ́n tún pè. Orúkọ ẹni tó gbé fóònù àti ọjọ́ náà, kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀.

Tí mọ́mì bá sì rí i pé àwọn ti tètè kọ̀wé jù, ọ̀nà kan ṣì wà. Láàárín oṣù 12 tí wọ́n gbà wọ́n wọlé, wọ́n lè fi fọ́ọ̀mù SSA-521 yọwọ́ pátápátá, kí wọ́n dá gbogbo owó tí wọ́n ti gbà padà, títí kan èyí tí ẹlòmíràn gbà lórí àkọsílẹ̀ wọn. Bó bá ti rí bẹ́ẹ̀, ó dà bí ẹni tí kò kọ̀wé rí, owó wọn á sì tún máa dàgbà lọ sí 1,600. Ẹ̀ẹ̀kan péré láyé èèyàn ni wọ́n ń gbà á láyè. Lẹ́yìn oṣù 12, ilẹ̀kùn yẹn ti tì.